Èrè àfojúsùn, fáríáǹsì tó kéré jù, àti ìdí tí ìṣirò fi ń ní kí ẹ ta ohun tí ẹ kò ní

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó ṣíà ilé-iṣẹ́ 40 jọ, mo sì ní èrè wọn lóṣooṣù fún oṣù 36. Mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá àkójọ tí fáríáǹsì rẹ̀ kéré jù, tí èrè rẹ̀ á sì jẹ́ 12% lọ́dún. Ó ní ewu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, àmọ́ ó ní kí n kó 210% owó mi sínú ṣíà kan, kí n sì ta òmíràn tí n kò ní dé −180%. Nígbà tí dátà oṣù kẹtàdínlógójì wọlé, gbogbo rẹ̀ tún yí padà pátápátá. Ṣé ètò tí mo lò ló ní àléébù ni, àbí èmi ni mi ò kọ ìṣirò náà dáadáa?”

Ètò yín kò ní àléébù, ẹ̀yin náà kò sì ṣi ìṣirò kọ. Ohun tí ẹ bi í gan-an ló dáhùn. Àwọn iye tí ẹ kó fún un ló yẹ ká yẹ̀ wò, nítorí ìṣirò yìí kò mọ̀ pé àfojúdá ni wọ́n. Ó gbà wọ́n gbọ́ bí ẹni pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo wọn, ó wá inú wọn títí tó fi rí ibi tí wọ́n ti ṣèlérí èrè tí ewu rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì kó owó lọ síbẹ̀. Níbi tí àfojúdá bá ti ṣìnà jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni ìlérí náà ti máa ń dùn jù. Richard Michaud kọ̀wé nípa èyí ní 1989, pé ńṣe ni irú ìṣirò yìí ń sọ àṣìṣe kékeré di ńlá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín kì í ṣe nǹkan àjèjì rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan pé kó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ṣíà 40 àti oṣù 36, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ ìṣirò náà sílẹ̀ ná, kí a lè jọ máa wo ohun kan náà. Harry Markowitz ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1952. Ẹ pe ìdá owó yín tó wà nínú ṣíà kọ̀ọ̀kan ní w, ẹ pe èrè tí ẹ ń retí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní μ, kí ẹ sì pe mátíríìsì tó kó fáríáǹsì wọn àti bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn jọ ní Σ. Èrè àfojúsùn yín ni r.

```
min   wᵀ Σ w
      μᵀ w ≥ r
      1ᵀ w = 1
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni fáríáǹsì gbogbo àkójọ náà, ìyẹn ìwọ̀n bí èrè rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò tó. Òun ló sọ ìṣirò yìí di kúádírátíìkì, nítorí ìdá owó ń di ìlọ́po ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìlà méjì tó kù jẹ́ òfin tó rọrùn: èrè kò gbọdọ̀ dín ní r, gbogbo owó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi kan. Mo lo ≥ dípò = nítorí pé bí r bá kéré ju èrè tí àkójọ tó balẹ̀ jù lọ máa ń mú wá fúnra rẹ̀, àmì = á fipá mú un kó ba ara rẹ̀ jẹ́ kó tó lè dé r. Bí kò bá sí àkójọ kankan tí fáríáǹsì rẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ òdo nínú Σ, ìrísí ìṣirò náà dà bí abọ́, a sì lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìsí iyèméjì. Ìṣòro yín wà nínú bí abọ́ náà ṣe tẹ́jú tó. Bó bá tẹ́jú gidi ní apá kan, ìyípadà tín-ín-rín nínú iye tí ẹ kó sílẹ̀ á ti ìsàlẹ̀ náà jìnnà réré.

Ṣíà 40 pọ̀ jù láti fojú rí èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta. A ń mú 8% wá lọ́dún, B ń mú 9% wá, C ń mú 4% wá. Ìyapa A àti ti B, ìyẹn gbòǹgbò fáríáǹsì wọn, jẹ́ 20% fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti C sì jẹ́ 5%. Kọ́ríléṣọ̀n A àti B, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn tó, jẹ́ 0.95, torí iṣẹ́ kan náà ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń ṣe, ohun kan náà ló ń gbé wọn sókè tó sì ń já wọn wálẹ̀. C kò bá èyíkéyìí nínú wọn rìn. Àfojúsùn wa ni 7%. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ó rèé:

```python
import numpy as np, cvxpy as cp
mu = np.array([8., 9., 4.])
S = np.array([[400., 380., 0.],
              [380., 400., 0.],
              [0., 0., 25.]])
w = cp.Variable(3)
rules = [cp.sum(w) == 1, mu @ w >= 7]
cp.Problem(cp.Minimize(cp.quad_form(w, S)), rules).solve()
print(w.value)
```

Ìdáhùn tó máa jáde ni A −69.4%, B 115.5%, C 53.9%. Ìyapa gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11.15%. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ yá ṣíà A lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ kún tiyín láti ra B ju gbogbo owó yín lọ. Ṣíà mẹ́ta péré nìyí, kò sí dátà tó sọnù, kò sí àṣìṣe nínú kóòdù, síbẹ̀ ohun tí ẹ rí lọ́dọ̀ yín ti yọjú.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é ká lè rí ibi tó ti wá. Pẹ̀lú ṣíà mẹ́ta àti òfin méjì, nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí a lè fọwọ́ yí. Tí a bá pe ìdá B ní b, àwọn òfin náà á sọ ọ́ di dandan pé kí A jẹ́ 0.75 − 1.25b, kí C sì jẹ́ 0.25 + 0.25b. Ẹ fi ìwọ̀nyí rọ́pò nínú fáríáǹsì, ẹ ó rí 226.56 − 176.88b + 76.56b². Ibi tí èyí ti kéré jù ni 176.88 tí a pín sí ìlọ́po méjì 76.56, ó sì jẹ́ 1.155, ìyẹn 115.5% tí kọ̀ǹpútà sọ. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni 76.56 yẹn, torí òun ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ abọ́ wa ṣe ga tó. Ó wá láti 625 tó jẹ́ ti fáríáǹsì A, pẹ̀lú 400 tó jẹ́ ti B, pẹ̀lú 1.56 tó jẹ́ ti C, nígbà tí a bá ti yọ 950 tó jẹ́ ti ìbárìn A àti B. Iye ńlá méjì ló ń pa ara wọn rẹ́, díẹ̀ péré ló ṣẹ́kù, orí díẹ̀ yẹn sì ni gbogbo ìdáhùn dúró lé. Bí kọ́ríléṣọ̀n bá jẹ́ 0.85 dípò 0.95, 950 á di 850, 76.56 á sì di 176.56, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdáhùn á wá di A −8.9%, B 67.1%, C 41.8%. Kọ́ríléṣọ̀n sì lè yí padà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà kan sí òmíràn.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò náà rò pé òun rí. Bí ẹ kò bá ta ohunkóhun tí ẹ kò ní, 60% nínú B àti 40% nínú C á fún yín ní 7% náà, pẹ̀lú ìyapa 12.17%. Àmọ́ ìṣirò rí i pé B ju A lọ ní 1% àti pé méjèèjì jọ ń lọ jọ ń bọ̀ ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ra B tó sì ta A ti gba 1% náà, ewu tí méjèèjì jọ ní sì ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Ó wá fi èrè kékeré yẹn rọ́pò apá kan nínú owó tó yẹ kó wà nínú ewu gidi: àròpọ̀ A àti B bọ́ sílẹ̀ láti 60% sí 46%, ìyókù lọ sínú C. Ọgbọ́n ni, bí 1% náà bá jẹ́ òtítọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bi í báyìí: ta ló sọ fún wa pé B ju A lọ ní 1%? Fáríáǹsì ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ 400 + 400 − 760, ìyẹn 40, ìyapa rẹ̀ sì jẹ́ 6.32% lọ́dún. Ìpíndọ́gba tí a bá fi ọdún 10 ṣírò ní àṣìṣe tó tó 2%, tí í ṣe 6.32 tí a pín sí gbòǹgbò 10. Tí a bá lo ọdún 3 bíi tiyín, àṣìṣe náà jẹ́ 3.65%. Nínú ọdún 10, àṣìṣe náà jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí a ń wọ̀n. Kí àṣìṣe tó lè bọ́ sí 0.5%, kí a tó lè fi ọkàn díẹ̀ balẹ̀ pé B ju A lọ lóòótọ́, a nílò ọdún 160. Ẹ má sì rò pé dátà ojoojúmọ́ á gbà yín. Fún fáríáǹsì àti kọ́ríléṣọ̀n, dátà tó ṣe lemọ́lemọ́ ń ṣèrànwọ́ gan-an. Fún ìpíndọ́gba èrè, kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé iye owó ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí nìkan ló ń pinnu rẹ̀, bó ti wù kí ẹ gé àárín rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbọ́kàn lé Σ díẹ̀, tí n kì í sì í gbọ́kàn lé μ.

Ẹ gbà pé òtítọ́ ibẹ̀ ni pé A àti B ń mú 8.5% wá lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ìyàtọ̀ 1% yẹn kàn jẹ́ bí dátà ṣe bọ́ sí ni. Ìdá owó tó tọ̀nà fún 7% yóò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta fún A, fún B àti fún C, pẹ̀lú ìyapa 13.27%. Ẹ wo bó ṣe jìnnà tó: A gbéra láti −69% lọ sí 33% nítorí pé a yí èrè rẹ̀ àti ti B padà pẹ̀lú ìdajì 1% péré lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ra àkójọ àkọ́kọ́, tó rò pé 7% ń bọ̀, 6.08% ló máa rí gbà. Ìyapa rẹ̀ á ṣì jẹ́ 11.15%, bẹ́ẹ̀ ó lè rí 6.08% kan náà pẹ̀lú ìyapa 9.5% ká ní ó pín owó náà dọ́gba láàárín A àti B láìta ohunkóhun. Bí kọ́ríléṣọ̀n náà bá tún jẹ́ 0.85 ní ti gidi, ìyapa rẹ̀ á gòkè sí 13.73%. Ẹni tó mú 60% àti 40% kò ní rí ìyípadà kankan nínú ìyapa tirẹ̀, nítorí kò gbé ohunkóhun lé ìbárìn A àti B.

Ẹ padà sí ṣíà 40 yín. Tiyín tún le ju èyí lọ, nítorí pé abọ́ yín kò kàn tẹ́jú lásán, ó ní àwọn ọ̀nà tí kò ní ẹ̀gbẹ́ rárá. Nígbà tí ẹ bá ṣírò Σ láti inú oṣù 36, oṣù kọ̀ọ̀kan ń fún yín ní ìlà kan, yíyọ ìpíndọ́gba kúrò sì ń jẹ ọ̀kan, ó ku 35. Àmọ́ ṣíà 40 ní ọ̀nà 40 tó lè gbà rìn. Nínú márùn-ún tó kù, dátà yín kò rí ìrìn kankan, ó sì kọ òdo sílẹ̀ fún wọn. Òfin méjì péré lẹ ní, ọ̀nà márùn-ún sì ju méjì lọ, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dájú pé ìṣirò á rí àkójọ kan tó mú 12% wá láìní fáríáǹsì kankan nínú dátà. Ewu òdo tí ẹ rí kò sọ ohunkóhun nípa ọjà. Ó kàn ń sọ pé oṣù tí ẹ ní kò tó iye ṣíà yín ni. Nígbà tí oṣù kẹtàdínlógójì wọlé, ọ̀nà márùn-ún di mẹ́rin, àkójọ tó wà lórí èyí tó pòórá sì wó lulẹ̀. Bó ṣe yí padà yẹn nìyẹn.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ tẹ `np.linalg.eigvalsh(S)`, ẹ ó rí iye 40 tí a tò láti kékeré sí ńlá. Bí márùn-ún àkọ́kọ́ bá jẹ́ nǹkan bíi 1e-17, tàbí tí àmì ìyọkúrò tiẹ̀ wà níwájú wọn, àwọn ni ọ̀nà tí kò ní ẹ̀gbẹ́ náà. Nínú àpẹẹrẹ ṣíà mẹ́ta wa, iye náà jẹ́ 20, 25 àti 780, 20 yẹn sì ni ọ̀nà ríra B títa A. Nígbà mìíràn cvxpy á kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nítorí àmì ìyọkúrò tín-ín-rín yẹn, àwọn kan á sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi `cp.psd_wrap` bò ó. Ìkìlọ̀ náà á dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń kìlọ̀ fún yín ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ tún Σ ṣe kí ẹ tó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún wò ó bóyá μ yín jẹ́ ti oṣù tí r sì jẹ́ ti ọdún. 12% lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi 1% lóṣù, bí ẹ bá sì kọ 12 síwájú iye oṣooṣù, ìdá owó tó máa jáde á ṣòroó gbà gbọ́ ju èyí lọ.

Ọ̀nà àbáyọ tó yá jù ni kí ẹ fi òfin `w >= 0` kún un, kó má lè ta ohun tí ẹ kò ní. Nínú àpẹẹrẹ wa, A á di òdo, B á di 60%, C á di 40%, ìyapa á sì gòkè láti 11.15% sí 12.17%. Ohun tí ẹ pàdánù jẹ́ nǹkan bí ìdá 1%, orí ìlérí tí a ti rí pé kò dúró ni ìyẹn náà sì wà. Ravi Jagannathan àti Tongshu Ma fi hàn ní 2003 pé òfin yìí ń ṣe ju ohun tó dà bíi pé ó ń ṣe lọ: bákan náà ló rí pẹ̀lú kí ẹ dín ìbárìn àwọn ṣíà tó dè mọ́ òdo kù nínú Σ, kí ẹ sì tún ìṣirò ṣe láìsí òfin. Ìbárìn tó ga jù sì ni àṣìṣe sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ kò wo gbogbo àrùn sàn. Bí A bá di 9% tí B sì di 8% lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo 60% náà á ṣí kúrò nínú B bọ́ sínú A lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ̀lú ṣíà 40, ẹ ó rí i pé púpọ̀ jù lọ nínú wọn á di òdo, tí owó á sì dúró lórí ìwọ̀nba díẹ̀. Bákan náà, bí r bá ju èrè ṣíà tó ga jù lọ, kò ní sí ìdáhùn kankan, ètò á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí a sún Σ fúnra rẹ̀ kì. Ẹ mú mátíríìsì tí dátà fún yín, ẹ mú òmíràn tó rọrùn tí ẹ mọ̀ pé kò lè tẹ́jú, kí ẹ sì pò wọ́n pọ̀. Olivier Ledoit àti Michael Wolf ló ṣe àgbékalẹ̀ bí a ṣe lè mọ ìwọ̀n tó yẹ ká pò láti inú dátà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ká ní a dín ìbárìn A àti B kù pẹ̀lú ìdá 20%, kọ́ríléṣọ̀n á bọ́ láti 0.95 sí 0.76. Láìfi òfin kankan kún un, ìdáhùn á di A 6.8%, B 54.6%, C 38.6%. Kò sí títa ohun tí a kò ní mọ́. Bí 0.95 bá sì wá jẹ́ òtítọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìyapa àkójọ yìí jẹ́ 12.36%, kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú ju 12.17% lọ. Fún ṣíà 40 yín, pípò yìí á kọ́ ẹ̀gbẹ́ sí ọ̀nà márùn-ún tí kò ní i.

Ohun kan wà tí mo rí i pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. `sklearn.covariance.LedoitWolf` ń fa mátíríìsì yín lọ sọ́dọ̀ èyí tí gbogbo fáríáǹsì rẹ̀ dọ́gba. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìpíndọ́gba fáríáǹsì jẹ́ 275. Bí ẹ bá fà á ní 20% lọ síbẹ̀, fáríáǹsì C á gòkè láti 25 sí 75, ìlọ́po mẹ́ta, ohun tó balẹ̀ jù lọ nínú àkójọ á sì dà bí èyí tó léwu. Tí ìyapa àwọn ṣíà yín bá jìnnà síra wọn, ẹ kọ́kọ́ pín èrè kọ̀ọ̀kan sí ìyapa rẹ̀, ẹ sún mátíríìsì kọ́ríléṣọ̀n kì, kí ẹ tó wá dá ìyapa náà padà sí i.

Ti μ le jù. Ẹ lè sún òun náà kì, kí ẹ fa èrè gbogbo ṣíà súnmọ́ ìpíndọ́gba wọn. Bí a bá fa A sí 8.25% àti B sí 8.75%, tí a kò fọwọ́ kan Σ, A ṣì máa jẹ́ −32%, B á sì jẹ́ 92%. Ìyàtọ̀ náà dín kù, àmọ́ kò lọ, nítorí abọ́ náà ṣì tẹ́jú. Èyí ló fi yé mi pé sísún μ nìkan kì kò tó. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ sọ A àti B di ohun kan ṣoṣo nínú ìṣirò, kí ẹ pín ìdá rẹ̀ dọ́gba láàárín wọn lẹ́yìn náà. Nínú ṣíà 40, ẹ lè pín wọn sí ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn, kí ìṣirò sì máa yan láàárín ẹgbẹ́, kì í ṣe láàárín àwọn tó jọra. Ó ń pàdánù ìmọ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ tí a rí lókè pé ó máa gba ọdún 160 kí a tó lè wọ̀n ọ́n ni.

Kí ẹ má bàa rò pé mo ń dẹ́rù bà yín lásán, Victor DeMiguel, Lorenzo Garlappi àti Raman Uppal ṣírò ní 2009, pẹ̀lú iye tí wọ́n mú láti inú ọjà ṣíà Amẹ́ríkà, pé fún ṣíà 25, a nílò nǹkan bí oṣù 3,000 kí ìṣirò tó gbára lé dátà lásán tó lè borí pípín owó dọ́gba. Ọdún 250 nìyẹn. Oṣù 36 lẹ ní. Ẹ máa fi pípín dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ń jèrè ohunkóhun.

Bí ẹ ó ṣe yẹ ara yín wò rèé. Ẹ mú μ tí ẹ ní, ẹ fi àṣìṣe kékeré tó tó ìwọ̀n ti ọdún mẹ́ta yín kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́, ẹ tún ìṣirò ṣe, kí ẹ sì ṣe é léraléra. Bí ìdá ṣíà kan bá ń fò láti 0% sí 40% bí ẹ ṣe ń ṣe é, kì í ṣe ìdá owó lẹ ń rí níbẹ̀, àṣìṣe lẹ ń rí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi oṣù 24 àkọ́kọ́ yan àkójọ, kí ẹ fi 12 tó kù wọn ìyapa rẹ̀ ní ti gidi. Bí ìyapa gidi bá jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ìṣirò ṣèlérí, Σ yín ṣì nílò sísún kì sí i. Oṣù 12 kò pọ̀, kò lè fi ìyàtọ̀ kékeré hàn, ṣùgbọ́n á tú àṣírí irú ewu òdo tí ẹ rí yẹn lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni dátà yín, mo máa pín ṣíà 40 náà sí ẹgbẹ́ mẹ́fà tàbí méje, mo máa sún mátíríìsì kọ́ríléṣọ̀n wọn kì, mo máa fa èrè gbogbo ẹgbẹ́ súnmọ́ ìpíndọ́gba gidigidi, màá sì fi `w >= 0` kún un pẹ̀lú òfin pé ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju 30% lọ. 30% yẹn kò ní ẹ̀rí kankan lẹ́yìn, ìdájọ́ tèmi ni. Ohun tí gbogbo èyí kò lè ṣe ni kó mú kí 12% jẹ́ òtítọ́. Fáríáǹsì náà kò mọ̀ ju bí èrè ṣe ń lọ sókè sódò lọ. Ó ń ka ìfò sókè sí ewu bí ó ṣe ń ka jíjá wálẹ̀ sí i, kò sì mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tí gbogbo ṣíà bá jọ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kọ́ríléṣọ̀n wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 1. Ẹ má fi 12% ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èrè tí àkójọ tí fáríáǹsì rẹ̀ kéré jù ń mú wá láìsí òfin èrè, ẹ máa gbé r sókè ní ìdajì 1% lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ìdá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ó dé r kan tí owó á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá jọ sínú ẹgbẹ́ kan tàbí méjì, tí òfin 30% yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dè wọ́n. Láti ibẹ̀ lọ sókè, μ yín nìkan ló ń sọ̀rọ̀, dátà oṣù 36 kò sì tó láti gbè é lẹ́sẹ̀.